Ìwé Epo Ọkọ̀ Èrò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Lítà, Kìlómítà àti Owó

Bọ́ọ̀sì mẹ́fà ni mò ń bá ọ̀gá mi kọ ìwé epo wọn ní Ọ̀fà Gáréèjì, Ìlọrin. Họ́mà ni gbogbo wọn, bẹntiróòlù ni wọ́n ń lò, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ni wọ́n sì ń ná. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà nítòsí ń wá béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé epo gan-an?

Nǹkan márùn-ún ni, nígbàkígbà tí epo bá wọ táǹkì: ọjọ́, míléèjì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lásìkò yẹn, iye lítà tí pọ́ǹpù kà, iye owó tí a san, àti bóyá táǹkì kún tàbí kò kún. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni kò ṣe é fi sílẹ̀, torí láìsí i, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ lítà tó bá kìlómítà wo lọ.

Ẹ kọ lítà, ẹ má kọ owó nìkan. ₦20,000 oṣù tó kọjá àti ₦20,000 òní lè máà ra iye epo kan náà. Míléèjì ńkọ́? Kí wọ́n kọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò nídìí pọ́ǹpù. Èyí tí dírẹ́bà bá délé tán tó wá ń rántí kọ, àfojúbù ni. Lọ́dọ̀ tiwa, kọ̀ńdọ́ ló ń fi fóònù ya dáṣíbọ́ọ̀dù àti ojú pọ́ǹpù, á sì fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ kìlómítà tí lítà kan ń gbé ọkọ̀ mi rìn?

Ẹ ṣe fúù táǹkì, ẹ kọ míléèjì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ẹ tún ṣe fúù táǹkì, ẹ tún kọ míléèjì. Epo tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni epo tí ọkọ̀ jẹ láàárín fúù táǹkì méjèèjì, torí òun ló dá táǹkì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ míléèjì àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, kí ẹ fi lítà pín ohun tó bá kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń ka epo fúù táǹkì àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Epo yẹn kì í ṣe ti ìrìn yìí. Ìrìn tó ti kọjá ló jẹ ẹ́, ìgbà tí a ń dá a padà la ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Kí fúù táǹkì méjèèjì lè bára mu, ilé epo kan náà ló dára, kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n sì dúró níbi tí ẹnu pọ́ǹpù bá ti já fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bí ọmọ ilé epo bá tún ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó lè fi lítà méjì sí mẹ́ta kún un, ìṣirò yín á sì yẹ̀.

Àwa kì í ṣe fúù táǹkì lójoojúmọ́. Bí owó bá ṣe wọlé la ṣe ń ra epo. Ṣé ìṣirò ṣì máa ṣeé ṣe?

Ó máa ṣeé ṣe dáadáa, bí ẹ bá lè ṣe fúù táǹkì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà. Gbogbo èyí tí ẹ bá rà láàárín, ẹ kàn máa kọ lítà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe ìṣirò kankan lórí rẹ̀ títí fúù táǹkì mìíràn á fi dé.

Ẹ wo bọ́ọ̀sì wa kẹrin. Lọ́jọ́ Àtìní, a ṣe fúù táǹkì nígbà tí míléèjì wà ní 184,210. Ní Àlàrùba, dírẹ́bà ra lítà 30, kò kún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ra 40, kò kún. Nígbà tí Àtìní mìíràn dé, a ṣe fúù táǹkì, ó gba lítà 38, míléèjì sì ti di 185,070. Ọkọ̀ ti rin kìlómítà 860. Epo rẹ̀ jẹ́ 30, 40 àti 38, ìyẹn 108. Ẹ fi 108 pín 860: lítà kan gbé e rin kìlómítà 7.96.

Bí ẹ bá ń lo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ fi míléèjì sí òpó B, lítà sí C, owó sí D. Kí fúù táǹkì àkọ́kọ́ wà ní ìlà 2, kí ìkejì wà ní ìlà 5. Nínú ìṣirò méjì ìsàlẹ̀ yìí, àkọ́kọ́ á fún yín ní kìlómítà fún lítà kan, ìkejì á fún yín ní náírà fún kìlómítà kan:

```
=(B5-B2)/SUM(C3:C5)
=SUM(D3:D5)/(B5-B2)
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé C3 ni lítà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe C2. Àlàyé rẹ̀ ni mo ṣe lókè.

Èwo ni kí n máa wò: kìlómítà fún lítà kan, àbí owó fún kìlómítà kan?

Méjèèjì, torí ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Kìlómítà fún lítà kan ń sọ ìlera ọkọ̀ àti ìwà ẹni tó ń wà á. Owó fún kìlómítà kan ń sọ bóyá owó ọkọ̀ tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ èrò ṣì tó.

Ọ̀sẹ̀ tí mo ṣírò yẹn, ₦900 la ra lítà ní Àlàrùba àti Jímọ̀, ó ti di ₦930 nígbà tó fi máa di Àtìní. Owó epo jẹ́ ₦98,340. Ẹ fi 860 pín in: ₦114 àti díẹ̀ ni kìlómítà kan ná wa. Ká ní ₦930 la ra gbogbo rẹ̀, kìlómítà kan á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦117, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò jẹ epo kọjá bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, dírẹ́bà ò sì ṣe nǹkan kan.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye epo kì í dúró sójú kan. Mo ti rí ọlọ́kọ̀ tó ń bá dírẹ́bà jà pé owó epo ti lọ sókè, nígbà tó jẹ́ pé ilé epo ló fi owó kún un. Bí owó fún kìlómítà kan bá gòkè, ẹ kọ́kọ́ wo kìlómítà fún lítà kan. Bí ìyẹn ò bá yẹ̀, ọjà ló yí padà, kí ẹ fi dírẹ́bà sílẹ̀.

Kìlómítà mélòó fún lítà kan ló dára?

Ti ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Họ́mà wa máa ń ṣe láàárín 7.5 sí 8.5 lójú ọ̀nà Gánmọ, Ìdófìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ yìí kan náà sínú ìlú, láti Pósítọ́fíìsì sí Tánkẹ̀, níbi tó ti ń dúró tó ń gbéra, kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀. Sìẹ́nà á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ọkọ̀ kan dá òmíràn lẹ́jọ́ bí ọ̀nà àti irú ọkọ̀ wọn kò bá dọ́gba.

Ẹ kọ ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ iye tí ọkọ̀ kan ń ṣe.

Ìyàtọ̀ tó báwo ni kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí?

Ó dá lórí bí ìrìn náà ṣe gùn tó. Mo ti sọ pé ìyàtọ̀ lítà méjì kì í ṣòro lẹ́nu táǹkì. Bí ọkọ̀ bá jẹ lítà 27 péré láàárín fúù táǹkì méjì, lítà méjì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́tàlá rẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ 108 ni, lítà méjì kò ju nǹkan kékeré lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dá ẹjọ́ ọjọ́ kan. Ti ọ̀sẹ̀ ni mò ń wò.

Fún ìwé ọ̀sẹ̀ kan, bí 7.96 bá di 7.7, mi ò ní sọ̀rọ̀. Bó bá wá sí 7.2, màá béèrè. Bó bá sì ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kódà kó má tíì kúrò lórí 7.6, màá pe mẹkáníìkì.

Míléèjì ọkọ̀ mi ti kú, tàbí kò ka dáadáa mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tún un ṣe. Kó tó di pé ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tí míléèjì rẹ̀ dára rin ọ̀nà náà lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ iye kìlómítà rẹ̀, kí ẹ sì máa fi iye lọ-bọ̀ tó wà nínú ìwé èrò gáréèjì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìrìn abẹ́lé, bíi lílọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, máa bọ́ sílẹ̀, àmọ́ ó sàn ju àfojúbù lọ.

Míléèjì tó ń ṣiṣẹ́ náà lè tan yín jẹ. Bí wọ́n bá fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, táyà náà á rìn jìnnà sí i níbi yíyí kan, ṣùgbọ́n yíyí yẹn ni míléèjì ń kà. Á wá dà bíi pé ọkọ̀ rìn díẹ̀ tó sì jẹ epo púpọ̀. Bí ìwé bá yí padà lọ́sẹ̀ tí ẹ pààrọ̀ táyà gan-an, ẹ fi tírákà tàbí máàpù fóònù wo ọ̀nà náà kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni.

Ìwé dírẹ́bà kan mọ́ jù. 8.0 ló ń jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kí inú mi dùn?

Rárá o. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ á ṣe 7.8 lọ́sẹ̀ yìí, 8.2 lọ́sẹ̀ kejì, 7.6 lọ́sẹ̀ tí òjò pọ̀ tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì wà. Bí iye kan bá dúró gbọn-in fún oṣù méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ mọ iye tí ẹ fẹ́ rí, tó sì ń ti ẹ̀yìn ṣírò míléèjì wá.

Ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn míléèjì kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ń parí sí 0 tàbí 5, kò wo dáṣíbọ́ọ̀dù kó tó kọ ọ́. Ẹ wá fi kìlómítà ọ̀sẹ̀ náà wé iye lọ-bọ̀ tó wà nínú ìwé èrò. Ìwé èrò kì í ṣe ọwọ́ dírẹ́bà ló wà, ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán an.

Rìsíìtì sọ pé lítà 62, àmọ́ mo mọ̀ pé táǹkì ò lè gbà á. Ṣé olè nìyẹn?

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí bọ́ọ̀sì kẹrin yẹn kan náà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí mo ṣírò lókè. A ṣe fúù táǹkì ní 185,070 lọ́jọ́ Àtìní. Ní Àlàrùba, míléèjì wà ní 185,350, rìsíìtì sì ka lítà 62. Ọkọ̀ ti rin kìlómítà 280. Bó bá ń ṣe nǹkan bíi 8, kò lè jẹ ju 35 lọ. Táǹkì Họ́mà ń gba lítà 70, ó túmọ̀ sí pé 35 ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi 62 lé 35: ó di 97. Lítà 27 ni kò ríbi wọ̀ sí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ìwé bọ́ọ̀sì kẹrin ka lítà 135 fún kìlómítà 860. Ìyẹn 6.37. Kìlómítà kan ti di ₦146. Inú ń bí ọ̀gá mi, ó ní kí n dá dírẹ́bà náà dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ìwé àwọn bọ́ọ̀sì yòókù. Nígbà tí mo ṣí ti bọ́ọ̀sì kejì, ó ti rin 880 lórí lítà 84. Ìyẹn 10.48, ₦89 péré ni kìlómítà kan. Họ́mà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà wa?

Mo pe dírẹ́bà, mo gbé ìwé méjèèjì ka iwájú rẹ̀. Mo ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Àlàrùba yìí." Ó wò ó, ó ní, "Kẹ́ẹ̀gì ló wà níbẹ̀ o. Epo tán nínú mọ́tò kejì ní Àjàṣẹ́, àwọn ló pè mí pé kí n bá wọn gbé e bọ̀." Kẹ́ẹ̀gì tí a ń pè ní lítà 25 ló rọ epo sí, ó sì rọ ọ́ dé ọrùn. Bí ẹ bá rọ kẹ́ẹ̀gì náà dé ọrùn, ó máa ń gbà ju 25 lọ. Nígbà tí mo yọ 27 kúrò nínú 135, ó ku 108, ìyẹn 7.96 bíi ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi 27 kún 84, ó di 111, bọ́ọ̀sì kejì sì wá sí 7.93. Àwọn méjèèjì padà sí ₦117 fún kìlómítà kan.

Láti ọjọ́ yẹn, epo kẹ́ẹ̀gì ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé wa, orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n rọ ọ́ sí ni a sì ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ti ọkọ̀ tó lọ rà á. Bí ọkọ̀ kan bá ń jẹun jù, ẹ wá èyí tí kì í jẹun mọ́ láàárín àwọn yòókù. Bí ẹ bá wá gbogbo ìwé tí ẹ ò rí i, ìgbà yẹn ni rìsíìtì tó ju táǹkì lọ di ọ̀ràn, torí ọmọ ilé epo kan lè kọ 62 fún ẹni tó ra 35, kí wọ́n sì pín ìyókù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń jẹ epo tàbí ènìyàn?

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ọkọ̀ sábà máa ń wá díẹ̀díẹ̀: fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí, púlọ́ọ̀gì tó ti jó, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń dín kù. Bíréèkì tó bá ń di táyà mú máa ń jẹ epo gan-an. Tí ọkọ̀ bá dé láti Ọ̀fà, ẹ sún mọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́sẹ̀ kan náà, láì fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá ń gbóná ju àwọn yòókù lọ lọ́nà tó hàn, ibẹ̀ ni kí mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀. Epo tó ń jò máa ń fi òórùn hàn, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ á sì tutù láàárọ̀. Ti ènìyàn máa ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì máa tẹ̀ lé ọjọ́ kan, ilé epo kan tàbí ẹnì kan.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ méjì tó jọ ara wọn, ẹ pààrọ̀ dírẹ́bà wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àléébù náà bá dúró sára ọkọ̀, ẹ pe mẹkáníìkì. Bó bá tẹ̀ lé dírẹ́bà, ẹ má tíì pè é ní olè. Ẹ béèrè bó ṣe ń dúró de èrò. Ẹ́ńjìnnì Họ́mà tó wà lórí ìdúró, tí éásì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, lè jẹ bíi lítà kan ní wákàtí kan. Dírẹ́bà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ti jó lítà 12 láì rin kìlómítà kan. Bí ẹ bá fi kún 108, ìyẹn tó láti sọ 7.96 di nǹkan bíi 7.2.

Bó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ilé epo ni kò pé ńkọ́?

Àmì rẹ̀ ni pé gbogbo ọkọ̀ tó ń ra epo níbẹ̀ á jọ lọ sílẹ̀ pa pọ̀. Bọ́ọ̀sì kan tó dá lọ sílẹ̀, kì í ṣe pọ́ǹpù. Mẹ́rin nínú mẹ́fà tó lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ra epo. Ẹ kó gbogbo wọn lọ sí ilé epo mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iye wọn bá padà sókè, ẹ ti rí i.

Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì dán pọ́ǹpù wò, torí ohun tí mo sọ lókè nípa ọrùn rẹ̀. Ìkòkò òṣùwọ̀n lítà 10 tàbí 20 tó ní àmì òṣùwọ̀n lára ni kí wọ́n rọ ọ́ sí. Ó yẹ kí ilé epo ní in, ẹ sì lè ní kí wọ́n gbé e wá. Bí kò bá pé, NMDPRA ló ń mójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òun ni àjọ tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, ó sì máa ń ti ilé epo tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò pé.

Bí dírẹ́bà bá ti ń fa epo díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé, ṣé ìwé á fi hàn?

Kò ní fi hàn. Ìbéèrè tó le jù nìyí, torí ìwé ń fi ọkọ̀ wé ara rẹ̀ ni. Bí lítà mẹ́wàá bá ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ gbà pé ọkọ̀ ń ṣe ti ní olè nínú. Kò ní yẹ̀ láéláé, á sì dà bíi pé ohun gbogbo wà létòlétò.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé, nígbà méjì lọ́dún, èmi fúnra mi máa ń wọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe fúù táǹkì láàárọ̀, màá jókòó síwájú títí ọkọ̀ á fi parí lọ-bọ̀ ọjọ́ náà tọ́ èrò tọ́ ẹrù, màá sì wà nídìí pọ́ǹpù kan náà nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan kì í tó, torí lítà méjì tó ń yẹ̀ yẹn, nítorí náà mo máa ń ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, màá sì ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ sùn síta láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Bí iye tí mo rí bá fi kìlómítà kan ju èyí tó wà nínú ìwé lọ, tí ọ̀nà àti èrò ò sì yí padà, mo mọ̀ pé ìwé yẹn kò tíì sọ òótọ́ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, màá sì ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu táǹkì lọ́jọ́ náà gan-an.